Ètò oúnjẹ Ọjọ́rú: kálórì 2,000, purotéènì gíráàmù 72

Àbúrò mi, o ní gàrí lò ń mu láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́ látìgbà tówó ti ń tán lọ, o wá ń bi mí ìdí tí oorun fi ń gbé ọ ní kíláàsì. Gàrí agolo mílíìkì kékeré kan, ìyẹn gíráàmù 100, ní kálórì 360, ṣùgbọ́n gíráàmù 1 péré ni purotéènì inú rẹ̀. Bó o bá fi gàrí nìkan wá kálórì 2,000, wàá mu tó agolo márùn-ún ààbọ̀, purotéènì rẹ ò sì ní pé gíráàmù 6. Ìwọ tó o wọn kílò 62, ó kéré tán, ara rẹ ń fẹ́ 50 lójúmọ́. Ẹ̀wà ni kó o máa jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́, kí gàrí bọ́ sáàárín.

Mo yá òṣùwọ̀n ìyá oníkéèkì tó wà nílé kejì, mo fi wọn nǹkan wọ̀nyí kí n tó kọ ọ́.

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun
Ṣa ẹ̀wà olóyin gíráàmù 200 (agolo kan ààbọ̀, kó lé díẹ̀), kó o rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Da omi náà nù láàárọ̀, òun wà lára ohun tó máa ń jẹ́ kínú wú. Ẹ̀wà tá a rẹ máa ń tètè jinná, gáàsì rẹ ò sì ní í tètè tán.

Àárọ̀, aago 6
Se gbogbo ẹ̀wà náà lẹ́ẹ̀kan. Má tíì fi iyọ̀ sí i títí á fi rọ̀. Fọ ẹyin kan dáadáa, sọ ọ́ sínú ìkòkò kan náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò nílò iná tirẹ̀. Bu ìdajì ẹ̀wà náà sáwo, da epo pupa ṣíbí kan lé e pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà, kó o wá wọ́n gàrí gbígbẹ ìdajì agolo lé e lórí. Tètè jẹ ẹ́ kí gàrí tó mu epo tán, nígbà tó ṣì ń ró lẹ́nu. Ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà.

Ẹ̀wà 340, epo 120, ẹyin 70, gàrí 180: kálórì 710, purotéènì 29.

Ìdajì tó kù, má fi epo tàbí àlùbọ́sà sí i. Kí o tó jáde, gbé e kaná kó hó dáadáa, dé e, má sì fi ṣíbí tó o ti fi sẹ́nu kàn án. O ò ní fíríìjì, àìbìkítà díẹ̀ báyìí ló máa ń jẹ́ kẹ́wà kan.

Ọ̀sán, láàárín kíláàsì
Di gàrí Ìjẹ̀bú agolo kan sí ọ̀rá, ẹ̀pà yíyan gíráàmù 30 (ẹ̀kúnwọ́ kan) sí òmíràn, pẹ̀lú kóró ṣúgà méjì. Omi tútù ló kù. Kálórì 560, purotéènì 8. Ẹ̀pà ló ni 7 nínú rẹ̀, torí náà má fún ọ̀rẹ́ rẹ jẹ tán.

Alẹ́, aago 7
Gbé ẹ̀wà padà sórí iná kó hó, fi epo pupa ṣíbí kan sí i. Fi òróró ṣíbí kan din ẹyin méjì pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà.

Ẹ̀wà 340, epo 120, ẹyin 140, òróró 120: kálórì 720, purotéènì 35.

Àpapọ̀ ọjọ́ náà jẹ́ 1,990. Ata àti àlùbọ́sà á gbé e dé 2,000. Lọ́jọ́ tó o bá gbá bọ́ọ̀lù, fi ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan kún un: 170 sí i, purotéènì 7 sí i.

Owó rẹ̀, bí mo ṣe rajà lọ́sẹ̀ yìí
Ẹ̀wà ₦320, gàrí ₦100, ẹyin mẹ́ta ₦600, epo pupa ₦80, òróró ₦40, ẹ̀pà ₦100, ṣúgà ₦20, ata, àlùbọ́sà àti iyọ̀ ₦150, gáàsì ₦140. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1,550.

Wo ẹyin dáadáa níbẹ̀. Gíráàmù purotéènì kan láti inú ẹyin ń ná ọ ní bíi ₦33. Láti inú ẹ̀wà, ₦7. Bówó bá há, ẹyin méjì alẹ́ ni kó o yọ, má fọwọ́ kan ẹ̀wà. O máa ná ₦1,150, purotéènì rẹ á sì ṣì wà ní 60.

Ẹ̀wà kóńgò kan tí mo fi ránṣẹ́ á tó ọ ọjọ́ méje. Tú u sórí àtẹ kó o tó kó o sínú ike, kòkòrò díẹ̀ wà nínú rẹ̀.