Iye Owó, Ìyọ̀ǹda àti Òfin Lílò fún Àwòrán Ojú tí Mo Ń Yà Láti Inú Fọ́tò

Adó-Èkìtì. Ìwé yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 Oṣù Kẹta 2025, ó sì rọ́pò ìwé iye owó tó wà tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá ti san àsansílẹ̀, ẹ ti fọwọ́ sí ohun tó wà níbí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ohun tí ẹ ń rà

Kì í ṣe fọ́tò tí a fọ̀ kó mọ́ ni mò ń tà. Mo máa ń wo fọ́tò yín, màá sì fọwọ́ ya ojú náà tuntun lórí kọ̀ǹpútà, ní ọ̀kan nínú ọnà mẹ́ta: ọnà àdìrẹ (ìlà funfun lórí aró), ọnà ère igi (ojú onígun, bí ẹni pé ọ̀bẹ ló gbẹ́ ẹ), tàbí àwọ̀ pẹlẹbẹ tí kò ní òjìji. Ẹni tó bá mọ onítọ̀hún gbọ́dọ̀ dá a mọ̀. Àmọ́ imú lè gùn sí i, awọ ara lè di búlúù. Ohun tí ọnà ń ṣe nìyẹn, kì í ṣe àṣìṣe tí mo gbọ́dọ̀ tún ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ilà ojú ni mi ò kì í yọ kúrò, àfi tí ẹ bá ní kí n yọ ọ́.

Iye owó

Orí sí èjìká, ojú kan: ₦25,000. Orí sí ìbàdí: ₦38,000. Odindi ara: ₦55,000. Ojú kọ̀ọ̀kan tó bá kún ojú àkọ́kọ́ jẹ́ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún iye ojú kan. Ẹ̀yìn àwòrán tó jẹ́ àwọ̀ kan tàbí bátànì wà nínú owó náà. Tí ẹ bá fẹ́ ilé, òkè tàbí ààfin lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi ₦12,000 kún un. Aṣọ òkè àti léèsì olódòdó kíkún ń gba àkókò gan-an ní ọnà àdìrẹ, torí ìlà kọ̀ọ̀kan ni mò ń fà: ₦5,000 fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá wọ̀ ọ́.

Owó yìí ká fáìlì tó tó A3, ìyẹn 3508 × 4961 píksẹ́lì, 300 dpi. A2 jẹ́ ₦10,000 sí i, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Tí a bá fẹ fáìlì kékeré lójú lẹ́yìn tó ti parí, etí ìlà á máa rí bí ayùn.

Iṣẹ́ ń gba ọjọ́ 10 sí 14 lẹ́yìn tí fọ́tò tó dáa àti àsansílẹ̀ bá ti dé ọwọ́ mi. Iṣẹ́ kíákíá, ọjọ́ 4: ìdá 40 sí i. Mi ò kì í gba iṣẹ́ kíákíá tí ojú rẹ̀ ju mẹ́ta lọ, bó ti wù kí ọjọ́ ìsìnkú sún mọ́ tó.

Fọ́tò tí ẹ máa fi ránṣẹ́

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù lọ nìyí. Tí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí Wáṣáàpù bí a ṣe ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lásán, á fún un pọ̀, ìpéǹpéjú àti ilà á sì di ìdọ̀tí. Ẹ yan "Document", kẹ́ ẹ wá mú fọ́tò náà látibẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi í ránṣẹ́ lórí ímeèlì. Kí ojú nìkan tó 800 píksẹ́lì ní fífẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́ kan, kó má jẹ́ oòrùn ọ̀sán gangan tó ń sọ ihò ojú di dúdú. Fọ́tò tí ẹ ti fi fílítà pa ojú rẹ́ kò wúlò.

Fún òbí tó ti kú tó jẹ́ fọ́tò kan ṣoṣo tó ti ṣá ló kù, ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, ẹ yọ gíláàsì fírémù kúrò kó má baà tàn yanran, kẹ́ ẹ yà á tààrà láti òkè. Fọ́tò àbúrò tàbí ọmọ tó jọ onítọ̀hún jù lọ á ràn mí lọ́wọ́, ẹ fi í kún un. Títún ojú tó ti ya tàbí tí ìkán ti jẹ ṣe: ₦8,000.

Ayafọ́tò tó ya fọ́tò ló sábà máa ń ní ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó wà nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ ilé fọ́tò ló yà á, ẹ gba ìyọ̀ǹda wọn, kẹ́ ẹ sì fi ìdáhùn wọn ránṣẹ́ sí mi. Mi ò kì í ya fọ́tò tí a mú láti ojú ìwé ẹlòmíì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Fún ọmọdé, òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbéṣẹ́ wá. Àwòrán tí a fẹ́ fi ṣe ẹnikẹ́ni yẹ̀yẹ́, ẹ má gbé e wá.

Sísanwó àti àtúnṣe

Ìdajì ni àsansílẹ̀. Màá kọ́kọ́ fi ìlà dúdú lásán hàn yín. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí àtúnṣe méjì níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wo ìrísí ojú, ìdúró, gèlè àti ìlẹ̀kẹ̀ dáadáa nígbà náà, nítorí lẹ́yìn tí mo bá ti kun àwọ̀, àtúnṣe ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦4,000. Kí ẹnì kan ṣoṣo máa bá mi sọ̀rọ̀ fún ẹbí. Tí ẹ̀gbọ́n bá ní kí fìlà gẹ̀ sọ́tùn-ún, tí àbúrò sì ní kó gẹ̀ sósì, àtúnṣe méjì ti lọ nìyẹn.

Tí ẹ bá fagi lé e kí n tó fa ìlà, ẹ ó gba gbogbo owó yín padà. Lẹ́yìn ìlà, àsansílẹ̀ ti di tèmi. Fáìlì tí kò ní àmì ìdáàbòbò lójú á dé ọwọ́ yín lẹ́yìn tí owó bá pé: JPEG fún fóònù, PDF fún ilé ìtẹ̀wé. Aró á dúdú díẹ̀ lórí bébà ju orí fóònù lọ. Ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹ̀dà kan wò kí wọ́n tó tẹ ọgọ́rùn-ún.

Ẹ̀tọ́ àti ìyọ̀ǹda

Nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ Nàìjíríà ti 2022, èmi tí mo ya àwòrán ni mo ni ẹ̀tọ́ àdàkọ, àfi tí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yàtọ̀. Owó tí ẹ san fún yín ní ìyọ̀ǹda láti lò ó nínú ilé àti láàárín ẹbí títí láé: ògiri, ojú ìwé yín, káàdì ìpè, ìwé ètò ìsìnkú, bánà ẹnu ọ̀nà, àti ẹ̀bùn ìrántí tó tó 100 tí ẹ pín lọ́fẹ̀ẹ́. Láti 101 sí 500, ìdá 30 ni ẹ máa fi kún un.

Bí àpẹẹrẹ, bàbá àti ìyá tó pé 40 ọdún nínú ìgbéyàwó, orí sí ìbàdí, tí a fẹ́ tẹ̀ sára kọ́ọ̀bù 150: ₦38,000 + ₦26,600 = ₦64,600; ìdá 30 rẹ̀ jẹ́ ₦19,380; àpapọ̀ ₦83,980, àsansílẹ̀ ₦41,990.

Tí owó bá ń wọlé lórí àwòrán náà, òwò ni, ì báà jẹ́ ẹbí ló ń tà á. Aṣọ ẹbí tí a tẹ̀ ẹ́ sí lára tí a sì ń tà, kàlẹ́ńdà títà, àmì ilé oúnjẹ, èèpo ìwé tàbí àwo orin: ìdá 100 sí i, fún ọdún kan àti ọjà kan. Pósítà ìbò jẹ́ ìdá 150, ó sì parí lọ́jọ́ ìbò. Tí ẹ bá fẹ́ ra gbogbo ẹ̀tọ́ pátá, ìlọ́po márùn-ún iye àwòrán ni, lórí ìwé tí àwa méjèèjì fọwọ́ sí. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó.

Ẹ má pa orúkọ mi rẹ́ ní ìsàlẹ̀ àwòrán, ẹ má yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ẹ má sì gé orí ẹnì kan kúrò láti fi ti ẹlòmíì sí i.

Mi ò ní fi àwòrán ẹbí yín han ẹnikẹ́ni kí n tó bi yín. Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ kan náà fún ẹni tó gbé iṣẹ́ àwòrán ojú wá fún ìlò ilé ní ẹ̀tọ́ láti dí títẹ̀ ẹ́ jáde lọ́wọ́, nítorí náà mi ò kì í gba kọ́bọ̀ lórí "ẹ má gbé e síta o". Fọ́tò yín á parẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi lẹ́yìn 60 ọjọ́. Fáìlì iṣẹ́ á wà níbẹ̀ fún oṣù 12. Tí ẹ bá sọ tiyín nù láàárín àkókò yìí, màá tún fi ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Fírémù àti gbígbé e wá

A3 lórí kánfáàsì pẹ̀lú fírémù igi: ₦24,000. Ẹ lè wá gbà á ní Adó fúnra yín. Ìkẹ́rẹ́, Ìyìn àti Ìgèdè: ₦2,500. Ìkọ̀lé, Ọ̀tún, Ẹ̀fọ̀n àti Òmùò ń lọ pẹ̀lú awakọ̀ láti gáréèjì, ẹ̀yin lẹ ó sanwó fún un níbẹ̀. Mi ò kì í fi gíláàsì ránṣẹ́ lójú ọ̀nà wọ̀nyẹn. Tí fírémù bá fọ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú páálí tó wà lára rẹ̀ láàárín wákàtí 24, màá pààrọ̀ rẹ̀.