Èsì lórí ìpínrọ̀ kejì: Crowther àti kíkọ èdè Yorùbá sílẹ̀

Mo ka ìpínrọ̀ kejì nínú àròkọ rẹ lórí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther lẹ́ẹ̀mejì. Yorùbá inú rẹ̀ dán mọ́rán, àmì ohùn sì pé. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ kì í bìkítà fún un. Ṣùgbọ́n gbólóhùn márùn-ún ló wà níbẹ̀, n kò sì rí ìtọ́kasí kan ṣoṣo.

O kọ ọ́ pé: "Kí Crowther tó dé, kò sẹ́ni tó kọ Yorùbá sílẹ̀ rí." Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Yàtọ̀ sí pé kò ní orísun, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Hannah Kilham ti kọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ èdè wa sílẹ̀ ní Sàró, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1828. John Raban tẹ ìwé kéékèèké tirẹ̀ jáde láàárín 1830 sí 1832. Ìwé ọ̀rọ̀ Crowther, 1843 ló jáde. Ká ní o wá ibi tí wàá tọ́ka sí ni, ibẹ̀ gan-an ni ọwọ́ rẹ ì bá ti ba àṣìṣe náà. Olùkọ́ kọ́ ni a ń torí rẹ̀ kọ ìtọ́kasí.

"Àwọn onímọ̀ ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀." Àwọn wo? Lọ́dún wo? Bó bá jẹ́ nóòtì kíláàsì mi lo ní lọ́kàn, má fi í ṣe ẹ̀rí. Èmi náà máa ń ṣì sọ.

"Gbogbo ilé ní Abẹ́òkúta ló ń ka Ìwé Ìròyìn." Míṣọ́nnárì Henry Townsend dá ìwé ìròyìn náà sílẹ̀ ní 1859, Ìfọ́lé ọdún 1867, nígbà tí wọ́n lé àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta, ló sì pa á. Dáadáa. Ṣùgbọ́n "gbogbo ilé" kẹ̀? Ẹni mélòó ló mọ̀wé kà nígbà náà? Bí o kò bá rí ẹ̀rí, yọ ọ́.

"Crowther nìkan ló ṣe àkọtọ́ tí à ń lò lónìí." Ìpàdé tí wọ́n ṣe lórí àkọtọ́ ní Èkó ní 1875 ńkọ́? Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ńkọ́?

Èyí tó dùn mí jù ni gbólóhùn tó kẹ́yìn, pé Ọ̀ṣogùn ni wọ́n ti kó Crowther lẹ́rú ní 1821. Òótọ́ ni. Crowther fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn náà sínú lẹ́tà kan ní 1837! Orísun wo ló tún lè sún mọ́ ọ̀rọ̀ ju ẹnu ẹni tí wọ́n kó? O ní ẹran nínú ìkòkò, o wá ń fi iyọ̀ jẹ̀bà.

Bẹ̀rẹ̀ láti orí àròkọ tí onímọ̀ ìtàn J. F. Adé Àjàyí kọ sínú jọ́nà Odù ní 1960 lórí bí Yorùbá ṣe di kíkọ sílẹ̀. Fi orúkọ, ọdún àti ojú ìwé sí ìdí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, má kó gbogbo rẹ̀ jọ sí ìparí ìpínrọ̀.

Máàkì: 8 nínú 20. Mú àtúnkọ rẹ wá sí ọ́fíìsì mi ní Ọjọ́bọ̀ kí aago méjì ọ̀sán tó lù, èmi yóò sì tún un máàkì.