Ọ̀rọ̀ Akápò Níbi Ìpàdé Ẹgbẹ́: Ibo Ni Ká Kó Owó Wa Sí?

Alága wa, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú oòrùn Bódìjà.

Mílíọ̀nù 12 náírà ló wà nínú àkáǹtì wa lónìí, yàtọ̀ sí èyí tí a ti yá yín. Ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ tó ti ń sùn síbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí báńkì bá kógbá wọlé, mílíọ̀nù 5 péré ni NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó tó wà ní báńkì, máa fọwọ́ sọ̀yà fún oníbàárà kan, oníbàárà kan ṣoṣo sì ni gbogbo wa lójú wọn. Èyí tó kù, a ó máa retí rẹ̀ ni.

Èyí tí ọkàn mi fà sí jù ni mọ́nì-mákẹ́ẹ̀tì fọ́ǹdù. Ó jọ àjọ, àmọ́ kò sí pé ẹnì kan ló kó o. Wọ́n á da owó ọ̀pọ̀ èèyàn pọ̀, alámòójútó kan á yá ìjọba ní apá kan fún ọjọ́ 91, 182 tàbí 364, á fi apá kan sí báńkì, á yá àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní ìyókù. Bí owó oníkálukú bá ṣe pọ̀ tó ni wọ́n ń pín èrè. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹni tó ń fi owó náà ṣòwò kọ́ ló ń tọ́jú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló dì í mú, òmíràn sì tún ń ṣọ́ wọn. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá nílò owó ilé ìwòsàn, láàárín ọjọ́ mélòó kan a lè rí i gbà. Ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ kì í dúró sójú kan, kò sì sẹ́ni tó ṣe onídùúró rẹ̀.

Bọ́ńdì ìfowópamọ́ ìjọba àpapọ̀ tún wà, ìyẹn ìwé owó tí à ń yá ìjọba, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017. Ọdún 2 tàbí 3 ni owó á fi wà níbẹ̀, èlé rẹ̀ ò ní yí padà, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ló ń wọlé. Bí a bá fẹ́ kúrò ṣáájú, àfi kí alágbàtà bá wa wá ẹni tó máa rà á, ó sì lè má tó iye tí a fi rà á.

Ti àbá tí ìyá wa kan mú wá pé ká ra àgbàdo pamọ́, ó dára, àmọ́ a ò tíì ní àká tiwa.

Ẹ dákun, ẹ má gbàgbé Òkè-Àdó ní oṣù kẹrin 2025, nígbà tí àwọn èèyàn ya wọ ọ́fíìsì àwọn tó ṣèlérí pé owó á di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan. Omijé ṣì wà lójú ẹlòmíràn nínú wa. Ẹnikẹ́ni tó bá wá bá wa, kí akọ̀wé wá orúkọ rẹ̀ lórí sec.gov.ng, ìkànnì àjọ ìjọba tó ń ṣàmójútó àwọn tó ń gba owó ìdókòwò, ká tó san kọ́bọ̀.

Àbá mi nìyí: ká kó mílíọ̀nù 5 sí fọ́ǹdù, mílíọ̀nù 3 sí bọ́ńdì, kí mílíọ̀nù 4 wà ní báńkì fún àwọn tó bá fẹ́ yá owó. Orúkọ ẹgbẹ́ ni yóò wà lórí gbogbo ìwé, èèyàn mẹ́ta ni yóò máa fọwọ́ sí i, oṣooṣù ni mo sì máa lẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́ ògiri yìí.

Ẹni tó ní ìbéèrè, kó bi mí báyìí. Lẹ́yìn náà, kí àwọn tó fara mọ́ ọn nawọ́, kí akọ̀wé kà wọ́n.