Lẹ́tà sí iléeṣẹ́ omi: omi tí ò lágbára àti omi tí ò wá déédéé ní àdúgbò Ìfẹ́sowápọ̀

Ẹgbẹ́ Onílé àti Ayálégbé Ìfẹ́sowápọ̀,
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 6, oṣù Kẹwàá, 2025.

Sí Ọ̀gá Àgbà ẹkùn wa,
Iléeṣẹ́ Omi.

Ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìlú. Èmi alága ẹgbẹ́ ni mò ń kọ̀wé yìí lórúkọ gbogbo ilé tó wà láti oríta ilé búrẹ́dì títí dé ìdí odò, torí ní mítíìnì àná gbogbo wa la fẹnu kò pé kí n kọ ọ́. Omi ẹ̀rọ ò wá déédéé mọ́ láti ìparí oṣù Kẹjọ, ìgbà tó bá sì wá, ṣe ló máa ń ro tótó, kò lè gun táǹkì, kò lè dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹlòmíì á gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ẹ̀rọ, á lọ sùn, á jí, kò ní tíì kún. A ti fi tẹ́síìtì ránṣẹ́, a ti rán èèyàn wá sí ọ́fíìsì yín, wọ́n kọ kọ́mpléènì wa sínú ìwé, wọ́n ní ká máa lọ, pé iná ni ò sí níbi tẹ́ ẹ ti ń fa omi. Ọ̀gá, a mọ̀ pé iná ń dà yín láàmú, a mọ iye tí dísù jẹ́ báyìí, a ò sì wá bá yín jà lórí ìyẹn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tiwa yìí kọjá iná, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka ohun tá a rí.

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ, àwọn òṣìṣẹ́ yín wá tún páìpù tó bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríta ilé búrẹ́dì ṣe. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n ti fáàfù pa kí omi lè dá, wọ́n ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ bò ó, wọ́n lọ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọn ò kúkú fiṣẹ́ ṣeré. Ìgbà tí omi máa wá lóru ọjọ́ kejì, omi pupa tó ní iyanrìn nínú ló kọ́kọ́ jáde, a ní kò burú, páìpù ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àtúnṣe ni, á mọ́ tó bá yá. Ó mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ò padà wá títí dòní.

Ohun tó jẹ́ ká fura ni pé àwọn ará òkè oríta, àwọn tí páìpù kan náà ń gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, omi tiwọn ń tú dáadáa ní òru kan náà, ní wákàtí kan náà. Tó bá jẹ́ pé iná ni, ṣé kì í ṣe gbogbo wa lọ́rọ̀ náà máa kàn ni? A wá ní kí púlọ́ńbà àdúgbò mú géèjì tí wọ́n fi ń wọn prẹ́ṣọ̀ wá, ó so ó mọ́ ẹnu ẹ̀rọ níwájú ilé búrẹ́dì nígbà tí omi wà, ó kà 1.5 bárì. Ká tó rìn débi tiwa, ìyẹn ilé kẹta sí fáàfù náà, ká so géèjì kan náà mọ́ ẹ̀rọ, 0.2 ló kà. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, kò sí òkè kankan láàárín wọn. Ẹ̀yin náà mọ̀ ju èmi lọ pé bárì 1 máa ń gbé omi sókè tó nǹkan bíi mítà 10, 0.2 kò wá lè gbé e ju mítà 2 lọ, táǹkì tí wọ́n gbé sórí sìmẹ́ńtì lásán ò lè gba omi nínú ìyẹn, ká má tíì sọ ti àwọn tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó ń kún ní ìṣẹ́jú méjì lọ́dọ̀ wọn ń lo ju ogún ìṣẹ́jú lọ lọ́dọ̀ wa.

Bàbá kan wà láàárín wa tí wọ́n ṣiṣẹ́ omi ẹ̀rọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ni wọ́n bá wa lọ síbi fáàfù náà lóru, wọ́n ki irin tín-ín-rín kan bọ ihò rẹ̀ títí tó fi kan orí fáàfù, wọ́n wá gbé etí lé ìdí irin náà. Wọ́n ní ká wá gbọ́, èmi náà gbé etí lé e, mo gbọ́ ariwo ṣííí tí ò dáwọ́ dúró. Bàbá ní ohun méjì ló lè máa pariwo bẹ́ẹ̀: yálà wọn ò ṣí fáàfù náà tán lẹ́yìn iṣẹ́, omi wá ń fún ara rẹ̀ gba àyè tóóró kọjá, tàbí ibi tí wọ́n dè náà ti ń jò lábẹ́ ilẹ̀. Wọ́n ní fáàfù páìpù íǹṣì 6 máa ń gba nǹkan bí ìyípo 20 kó tó ṣí tán, àti pé ẹni tó tì í ló yẹ kó ka iye tó yí kó lè dá gbogbo rẹ̀ padà, pé nígbà mìíì fáàfù tó ti pẹ́ máa ń há, òṣìṣẹ́ á rò pé ó ti parí. Ọ̀rọ̀ bàbá yé mi gan-an torí ilẹ̀ tí wọ́n kún lọ́jọ́ náà ti ń rì báyìí, tí omi bá wá lóru, yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ á rẹ gbindin, tó bá fi máa di ọ̀sán tí omi ti lọ, á gbẹ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ méjèèjì ló ń ṣẹlẹ̀ pọ̀. A ò fọwọ́ kan fáàfù o, mo ti kìlọ̀ fún gbogbo èèyàn pé nǹkan ìjọba ni, kí ẹnikẹ́ni má lọ fi sípánà yí i.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyí. Páìpù tó ń jò náà gba ẹ̀gbẹ́ gọ́tà kọjá, gọ́tà yẹn sì kún fún omi ìdọ̀tí nítorí òjò tá a wà yìí. Tí omi bá wà nínú páìpù pẹ̀lú agbára, tinú rẹ̀ ló máa ń jáde, kò sí wàhálà. Àmọ́ tí omi bá lọ, tí inú páìpù ṣófo, ibi tó ń jò yẹn á máa fa ti ìta wọlé, ìgbà tí omi bá tún dé, àwọn ọmọ wa ni wọ́n máa kọ́kọ́ bu u mu. Gbogbo wa rí bí àrùn onígbá-méjì ṣe jà ní Èkó ní 2024. A ti ní kí gbogbo ilé máa se omi mímu, ṣùgbọ́n gáàsì wọ́n, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń sè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán èèyàn wá yẹ kílórínì inú omi wò lẹ́nu ẹ̀rọ wa, kì í ṣe níbi tẹ́ ẹ ti ń po ó nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò gbọ́dọ̀ dín ní mílígíráàmù 0.2 nínú lítà kan níbi tí aráàlú ti ń bu omi, a fẹ́ mọ iye tó wà nínú tiwa, kẹ́ ẹ sì fún wa lésì rẹ̀ lórí ìwé.

Ní ti àkókò tí omi ń wá, kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó wá lóru Ọjọ́ Ìṣẹ́gun láago kan, ó lọ kí aago mẹ́rin tó lù, kò tún wá mọ́ títí di òwúrọ̀ Àbámẹ́ta. Àwọn ìyá wa ò sùn mọ́, wọ́n á máa jí dìde lọ tẹ́tí sí ẹ̀rọ. Ìyá àgbà kan wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí orúnkún ń dùn, ọmọ ará ilé ló ń bá wọn gbé omi gun àtẹ̀gùn kó tó lọ sí ilé ìwé, ọmọ náà sì ti ń pẹ́ dé kíláàsì. Ilé ìgbẹ̀bí kan wà ládùúgbò wa, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sọ ní mítíìnì pé mẹ́ruwà làwọn ń ra omi lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi fọ ọwọ́ àti aṣọ. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan ti di 100 náírà lọ́wọ́ mẹ́ruwà, ẹ bá wa ṣírò rẹ̀, lítà 1,000 á gba kẹ́ẹ̀gì 40, 4,000 náírà nìyẹn, omi tí ẹ̀yin ń tà fún wa ò sì sún mọ́ iye yẹn rárá. Àwọn tí ò lówó ló ń san owó tó pọ̀ jù.

Síbẹ̀ bíìlì oṣù Kẹsàn-án dé, kò dín kọ́bọ̀ kan, ìwé ìkìlọ̀ pé ẹ máa gé omi ẹni tí ò bá san sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀gá, a ò sọ pé a ò ní san. Ẹgbẹ́ wa ló ń lọ láti ilé dé ilé bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n san owó omi, rìsíìtì wa pé lọ́dọ̀ yín. Ohun tá a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kẹ́ ẹ dín bíìlì oṣù Kẹsàn-án àti ti oṣù yìí kù bó ṣe yẹ, torí a ò ní mítà, iye kan náà lẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ wa bóyá omi wá tàbí kò wá, kẹ́ ẹ sì dá ọ̀rọ̀ gígé omi dúró ná títí ẹ fi máa tún nǹkan yìí ṣe.

Mo tún fẹ́ sọ ohun kan kẹ́ ẹ má baà ní a ò sọ ọ́. A rí àwọn ilé kan ládùúgbò wa tí wọ́n so ẹ̀rọ tó ń fa omi mọ́ páìpù yín tààrà, tí wọ́n bá tanná sí i, omi tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni wọ́n ń fà. Ìwà ìmọtara-ẹni-nìkan gbáà ni, mo sì ti sọ ọ́ sójú wọn. Mítíìnì fún wọn di ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ láti tú u, ẹni tí ò bá tú u, a máa fi orúkọ ilé rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Ṣùgbọ́n lóru tá a fi géèjì wọn omi, a ní kí gbogbo wọn pa á, 0.2 náà ṣì ni géèjì ń kà, torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ yẹn pa iṣẹ́ yìí tì.

Ẹ bá wa rán ẹnjiníà kan pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ tó wá ní oṣù Kẹjọ, kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 10 oṣù yìí, kí wọ́n yẹ fáàfù náà wò, kí wọ́n tú ibi tí wọ́n dè, kí wọ́n sì fọ páìpù náà dáadáa kí iyanrìn tó wà nínú rẹ̀ jáde. Títí ìyẹn á fi parí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ rán táńkà wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ sí iwájú ilé ìgbẹ̀bí. Ẹ tún bá wa kọ ọjọ́ àti wákàtí tí omi á máa wá ránṣẹ́, bó bá tiẹ̀ jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta péré lọ́sẹ̀, èmi fúnra mi ni mo máa gbé e sórí Wáásáàpù àdúgbò, tí iná bá sì yẹ̀ ẹ́, tẹ́síìtì kan péré ti tó, àwọn ìyá wa á lè sùn.

Àwọn ọ̀dọ́ wa ti ní àwọn á bá yín gbẹ́ ilẹ̀, a máa gbé jẹnẹrétọ̀ àti iná ńlá wá tó bá jẹ́ òru lẹ máa ṣe é, bàbá náà sì ti gbà láti dúró tì yín. Nọ́ńbà èmi àti akọ̀wé wà nínú fáìlì wa lọ́dọ̀ yín. Bàbá ní kí n bá àwọn sọ fún yín pé kí òṣìṣẹ́ tó ń bọ̀ mú kọ́kọ́rọ́ fáàfù tó gùn dání, torí ihò náà jìn, èyí kúkúrú tí wọ́n mú wá nígbà yẹn ò dé ìsàlẹ̀ dáadáa.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Alága,
lórúkọ Ẹgbẹ́ Onílé àti Ayálégbé Ìfẹ́sowápọ̀.

Ẹ̀dà: káńsílọ̀ wọ́ọ̀dù wa, ọ́fíìsì ìlera ìjọba ìbílẹ̀.