Ọ̀pá àdìrẹ márùn-ún

1/9
A pín 5, ó di 6 ó lé.
Ọmọ kíláàsì mi kan, JSS 2, ní Òṣogbo níbí, ṣe ìṣirò náà tọ̀nà, ó wá fi bírò fa igi lé ìdáhùn rẹ̀ lórí. Kò gbà á gbọ́.

2/9
Ohun tó wà lójú pátákó nìyí:

5 ÷ ¾

Ó ṣe é bí mo ṣe kọ́ wọn: yí ìdá náà dorí kodò, kí o sọ ọ́ di púpọ̀.

5 × 4/3 = 20/3 = 6⅔

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣebí téèyàn bá pín nǹkan, ńṣe ló máa ń kéré sí i? Báwo ni 5 ṣe wá pọ̀ sí i?"

3/9
Ìbéèrè gidi ni. Ọ̀rọ̀ "pín" ló dà á láàmú.

Nílé wa, tí wọ́n bá ní ká pín àkàrà mẹ́wàá, ọmọ márùn-ún ló jókòó tì í, méjì méjì ló máa kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló ti rí èèyàn tó jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èèyàn rí, ká wá pín nǹkan fún un?

Torí náà mo ní ká fi "pín" sílẹ̀ ná. Ká béèrè pé: ¾ mélòó ló wà nínú 5?

4/9
"Iṣẹ́ wo ni màmá ẹ ń ṣe?"
"Wọ́n ń ránṣọ ní Ìgbọ́nà, mà. Wọ́n ń fi àdìrẹ rán àpò."
"Àpò kan ń gba aṣọ tó pọ̀ tó?"
"Kò tó ọ̀pá kan, mà. Ó máa ń ṣẹ́ kù díẹ̀."

Ìlú aró ni wá, kò sẹ́ni tí kò mọ àdìrẹ ọ̀pá márùn-ún nínú kíláàsì náà. A fi àpò kan sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọ̀pá. Àpò mélòó ni aṣọ náà máa gbé jáde?

5/9
Mi ò ní aṣọ lọ́wọ́. Mo gé ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ sí tẹ́ẹ́rẹ́ márùn-ún, a tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn lórí tábìlì bí ẹni tẹ́ aṣọ. Ọmọ náà ká ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì, ó tún un ká sí méjì. Nígbà tó tú wọn, ìlà ìká pín ọ̀pá kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin.

Ọ̀nà márùn-ún, mẹ́rin mẹ́rin: 20.

6/9
Àpò kan ń gba mẹ́ta nínú ègé wọ̀nyẹn. Ó fi pẹ́ńsù kọ lẹ́tà àpò sí wọn lára:

```
A A A B | B B C C | C D D D | E E E F | F F – –
```

Ẹ wo B. Ègé kan rẹ̀ wà nínú ọ̀pá kìíní, méjì wà nínú ìkejì. Kò dí i lọ́wọ́, aṣọ kan náà ni.

A dé F: àpò 6.

7/9
Ibi tí 4/3 ti wá gan-an nìyí. A fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀ torí pé a gé ọ̀pá kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin. A fi 3 pín in torí pé ègé mẹ́ta ló ń di àpò kan. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kọ́ wọn ní "yí i dorí kodò", ó yẹ kí n ti sọ èyí.

8/9
Inú rẹ̀ dùn, lẹ́yìn náà ó tún fajú ro. Ó fọwọ́ kan ègé méjì tó kù.
"Mà, ààbọ̀ ọ̀pá lèyí. Ìdáhùn sọ pé ⅔."

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àgbà pàápàá ti máa ń ṣìnà. Àpò ni 6⅔ ń kà, kì í ṣe ọ̀pá. Ègé mẹ́ta ni àpò keje nílò, méjì ló rí. Aṣọ tó kù jẹ́ ààbọ̀ ọ̀pá, ó sì jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta àpò. Aṣọ kan náà, ìwọ̀n méjì.

9/9
A fi tépù ìránṣọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pá kan jẹ́ íǹṣì 36, àpò kan jẹ́ 27, aṣọ náà jẹ́ 180.

6 × 27 = 162
180 − 162 = 18

18 nínú 36, ààbọ̀ ni. 18 nínú 27, ⅔ ni.

Ó ní, "Tí àpò bá wá ju ọ̀pá kan lọ ńkọ́, mà? Kò ní tó márùn-ún nìyẹn." Kò tíì fọwọ́ kan bírò tó fi sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ló pa dà sídìí ìdáhùn tó fa igi lé, ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀: *àpò 6, aṣọ ku ààbọ̀ ọ̀pá.*