Ìwé Àyẹ̀wò fún Olùgbọ́: Bí A Ó Ṣe Fèsì sí Ọ̀rọ̀ tí Ọmọ Kíláàsì Wa Sọ

Fún kíláàsì kejì ti ẹ̀ka àgbà, iṣẹ́ èdè Yorùbá, Abẹ́òkúta

Lọ́jọ́ Ẹtì, mẹ́rin nínú yín yóò dìde sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún: ọ̀kan lórí àdìrẹ Ìtòkú, ọ̀kan lórí Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ nílùú yìí ní ọdún 1859, ọ̀kan lórí bí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ṣe kọ̀ láti san owó orí, ọ̀kan sì lórí ìdọ̀tí inú ọjà Láfẹ́nwá. Olùgbọ́ mẹ́ta ni yóò kọ èsì fún asọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ asọ̀rọ̀ ni kí ẹ fi bébà náà lé ní tààrà, kì í ṣe ọwọ́ mi, nítorí òun ni ẹ kọ ọ́ sí, n kò sì ní fi máàkì kankan sí i.

Bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ lọ́wọ́, ẹ má ṣe kọ ju ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì tí yóò rán yín létí. Ẹni tó bá ń wo orí àwọn tó ń kọ̀wé lásán kì í lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Nígbà tí ó bá jókòó tán ni kí ẹ wá bi ara yín ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí.

1. Ǹjẹ́ mo lè fi gbólóhùn kan sọ ohun tí ó fẹ́ kí n gbà tàbí kí n ṣe?

Ẹ kọ gbólóhùn náà sílẹ̀ kí ẹ tó kọ ohunkóhun mìíràn. Inú asọ̀rọ̀ máa ń dùn láti rí i pé ohun tí òun ní lọ́kàn ni ẹlòmíràn gbọ́, bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ yóò mọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá a wí. Bí ẹ kò bá rí gbólóhùn náà kọ, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lórí kò nídìí, ibi tí ó ti rú yín lójú ni kí ẹ tọ́ka sí, báyìí: “Mo gbọ́ pé Alákè Adémọ́lá fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1949, ṣùgbọ́n kò tíì yé mi bí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin ṣe já sí ọ̀rọ̀ oyè.”

2. Ẹ̀rí wo ni ó fi ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, èwo sì ni mo ṣì rántí?

Ọdún, ibi, orúkọ, àti bí a ṣe ń ṣe nǹkan ni ẹ̀rí. Gbólóhùn bíi “àdìrẹ lẹ́wà púpọ̀” kò tíì sọ nǹkan kan fún wa. Èsì tó dára lè lọ báyìí: “Nígbà tí o ṣàlàyé pé ẹ̀kọ tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ yà sára aṣọ ni kì í jẹ́ kí aró wọ ibẹ̀, mo wá mọ ìdí tí iṣẹ́ ọnà náà fi ń funfun lórí aṣọ aláwọ̀ aró.” Ẹ rí i pé kò sí ìyìn kan ṣoṣo nínú gbólóhùn yẹn, síbẹ̀ kò sí asọ̀rọ̀ tí kò ní fẹ́ gbà á.

Bí ó bá ṣe yín bí ẹni pé ó ṣi ọdún tàbí orúkọ sọ, ẹ má ké e mọ́ ọn lórí ìdúró. Ó rọrùn fún ẹni tí àyà rẹ̀ ń já láti sọ 1895 dípò 1859. Ẹ kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè: “Ọdún wo ni o ní wọ́n bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn? 1859 ni mo mọ̀.”

3. Ǹjẹ́ mo mọ ìgbà tí ó kúrò lórí kókó kan bọ́ sórí òmíràn?

Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ti tó níhìn-ín, bí ẹ bá ti lè dárúkọ ibi kan.

4. Ǹjẹ́ mo gbọ́ ọ níbi tí mo jókòó sí?

Ẹ kọ ibi tí ẹ jókòó sí, nítorí ẹni tó wà lẹ́bàá fèrèsé tí ọ̀kadà ń kọjá kò lè gbọ́ bí ẹni tó wà níwájú. Ẹ fetí sí ìyára rẹ̀ pẹ̀lú: bí a bá ń sáré sọ Yorùbá, àmì ohùn máa ń pòórá, olùgbọ́ a sì máa wá ìtumọ̀ kiri. Ẹ tọ́ka sí ibi kan tí ì bá ti dánu dúró, àti ibi kan tí ó ti dánu dúró tí ó sì bọ́ sí i. Ẹ̀ka èdè Ẹ̀gbá tí ẹnikẹ́ni bá sọ kì í ṣe àṣìṣe. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá yé yín nínú rẹ̀, ẹ béèrè.

5. Ǹjẹ́ òwe rẹ̀ ṣiṣẹ́?

Èrò tèmi ni pé òwe ti pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ ní kíláàsì yìí. Ẹ wò ó bóyá òwe náà ṣí ọ̀nà fún àlàyé tó tẹ̀ lé e, tàbí a lè yọ ọ́ kúrò kí ohunkóhun má dín. Ní ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, “báǹkì” àti “mọ́tò” kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Odidi gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ sàmì sí.

6. Ǹjẹ́ ó wò wá?

Kíka bébà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ sọ ibi tí ó ti gbójú sókè tí ó bá yín sọ̀rọ̀.

Àwọn ohun tí kò gbọ́dọ̀ wọ inú bébà yìí ni aṣọ, ìrísí ara, kíkólòlò, ilé tí ènìyàn ti wá, àti fífi ẹnì kan wé ẹlòmíràn tó sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀. Mo fi “O gbìyànjú” kún wọn, nítorí ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rárá pàápàá lè kọ ọ́.

Lẹ́yìn ìbéèrè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ kọ èsì yín ní ìpínrọ̀ kan: ohun kan tó wọ̀ yín lọ́kàn, ohun kan tí ẹ fẹ́ kí ó tún ṣe àti bí yóò ṣe ṣe é, àti ìbéèrè kan tí ẹ fẹ́ mọ ìdáhùn rẹ̀ ní tòótọ́. Àpẹẹrẹ rẹ̀ rèé, fún ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ lórí ọjà Láfẹ́nwá:

“Ibi tí o ti sọ bí omi òjò ṣe ń gbá ọ̀rá wọ inú gọ́tà mú kí n rántí ohun tí mo ti ń kọjá lára rẹ̀ láìwò ó. Ní ìparí, o ní kí ìjọba wá nǹkan ṣe, o sì jókòó. Ì bá wù mí kí o dárúkọ ohun tí ìjọba yóò ṣe, kí o sì fi ohun tí ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́ níbẹ̀ lè ṣe fúnra rẹ̀ kún un. Ìṣẹ́jú kan tí o lò lórí ìkíni yóò tó fún un. Ta ni ó ń kó ìdọ̀tí ọjà náà báyìí, ọjọ́ wo ni wọ́n sì ń wá?”

Ìwọ asọ̀rọ̀, ka bébà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán kí o tó fèsì, kí o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó kọ wọ́n. O lè kọ ìmọ̀ràn ẹnì kan tì bí kò bá bá èrò rẹ mu, ṣùgbọ́n bí ẹni méjì tí kò jọ jókòó bá tọ́ka sí ibì kan náà, tún ibẹ̀ wò. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ìwọ yóò tún ìṣẹ́jú kan péré sọ nínú ọ̀rọ̀ rẹ, ìyẹn apá tí o bá tún ṣe, àwọn olùgbọ́ mẹ́ta kan náà ni yóò sì jókòó síwájú.