Ràṣídì Onígò

Ọjọ́ Ojúde Ọba ni gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú-Òde á mọ̀ pé lọ́jọ́ kẹta Iléyá yẹn, ẹṣin ń jó, àwọn régbérégbé ń yan nínú ankò, gbogbo ojú ló ń wòkè. Ràṣídì nìkan ló ń wolẹ̀, ó ń wo abẹ́ kánópì, ìgò jíìnì níbí, ìgò wáìnì lọ́hùn-ún. Ó sì ti mú àpò ìrẹsì kan dání.

Nígbà tó kó o délé, ìyá ìyá ẹ̀ pariwo lé e lórí, "Ràṣí, o ti di ọmọ kòndẹ́mù lójú mi báyìí?" Kò fèsì, ó ń fọ̀gò lọ ní tiẹ̀.

Ẹ ò lè mọ̀ pé iṣẹ́ wà nínú ìgò fífọ̀ àfi tẹ́ ẹ bá jókòó tì í. Á rì í sómi gbígbóná kí bébà ara ẹ̀ lè rọ̀, gọ́ọ̀mù tó bá ṣẹ́ kù á fi kẹrosín-ìn nù ún, á wá bu yanrìn díẹ̀ àti omi sínú ẹ̀, á máa mì í jìgìjìgì títí ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ á fi ṣí. Ọṣẹ ló kàn. Ìdérí ní tiẹ̀ wà lọ́tọ̀ nínú agolo mílíìkì, wọn kì í sì í tó, torí ta ló ń fi ìdérí sílẹ̀ lójú agbo.

Ìyá ẹlẹ́pà kan ní Òkè-Ajé ló kọ́kọ́ rà á. Lọ́jọ́ kejì ló dá a padà pẹ̀lú ìbínú, ẹ̀pà òun ti rọ̀, ó tún ń run kẹrosín-ìn, ta ni kóun tà á fún? Ràṣí ò jiyàn, "Ẹ má bínú, mọ̀ọ́mì," ló wí, ó gba ìgò padà, ó tún un fọ̀, ó dorí ẹ̀ kodò sórí pákó nínú oòrùn títí ó fi gbẹ fáú, torí ìgò tó bá lómi nínú, ẹ̀pà ibẹ̀ ò lè ta kàkà lẹ́nu láéláé. Látìgbà yẹn obìnrin yẹn ò rà lọ́wọ́ ẹlòmíì mọ́, òun náà ló mú ìyá alágbo àti ẹlẹ́mu wá.

Nígbà tí Iléyá míì fi máa dé, àwọn ọmọ àdúgbò tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ló ń ṣà á fún un, ó ń sanwó fún wọn lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ìgò tó bá ti ṣán lẹ́nu, kò ní san kọ́bọ̀. Ìjẹ̀bú ni jàre.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni màmá àgbà ní kó bá òun mú ìgò kan wá, òun fẹ́ rọ àdín sí i. Ọmọ yìí dìde, ó wo agolo mílíìkì, ó ní:

"Màmá, ṣé èyí tó ní ìdérí ni àbí èyí tí ò ní? Owó wọn ò dọ́gba o."